Ìròyìn Ìparí Iṣẹ́: Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ Ẹ̀kọ́ Sílẹ̀ àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Fa Dúkìá Lé Olùtọ́jú Lọ́wọ́

Ìròyìn ìparí iṣẹ́ ni ìwé tí alábòójútó iṣẹ́ àkànṣe máa ń kọ nígbà tí iṣẹ́ bá ń kógbá sílé. Ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀: bóyá iṣẹ́ tí wọ́n ṣe bá èyí tí wọ́n gbà láti ṣe mu, ẹ̀kọ́ tí àwọn tó ṣe é rí kọ́, àti àkọsílẹ̀ gbogbo dúkìá tó kù nílẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn. Apá kẹta yìí ló máa ń kúrú jù nínú ọ̀pọ̀ ìròyìn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni àwọn ènìyàn yóò máa padà sí. Ẹni tó gbé owó sílẹ̀ yóò ka ojú ìwé owó lẹ́ẹ̀kan, yóò sì pa ìwé dé. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tí iná kú mọ́ lórí ní òru ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí agbaṣẹ́ṣe ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ, yóò wá ìwé náà kiri. Òun ni ó yẹ kí ẹni tó ń kọ ọ́ ní lọ́kàn.

Ọjọ́ ìṣíde àti ọjọ́ ìfàléni-lọ́wọ́

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń da ìròyìn ìparí rú ni ọjọ́. Tẹ́ẹ̀pù tí wọ́n gé àti fọ́tò tí wọ́n yà máa ń mú kí àwọn ènìyàn rò pé iṣẹ́ ti parí. Ọ̀nà reluwé méjì tí LAMATA, àjọ tó ń rí sí ètò ìrìnnà ní ìlú Èkó, ṣe jẹ́ kí ìyàtọ̀ yìí hàn kedere. Muhammadu Buhari, tó jẹ́ Ààrẹ nígbà náà, ṣí apá àkọ́kọ́ ọ̀nà aláwọ̀ búlúù, láti Marina dé Mile 2, ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún 2023. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Ààrẹ Bola Tinubu ṣí ọ̀nà aláwọ̀ pupa, tó ti Agbado wá sí Òyìngbò tó sì ń dúró ní Muṣin àti Yábà, ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2024. Ó di ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò tó ń sanwó.

Kò sí àbùkù nínú àlàfo bẹ́ẹ̀. Oṣù méje sí mẹ́jọ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, iṣẹ́ tó gba àkókò ló sì wà nínú rẹ̀. Reluwé tuntun gbọ́dọ̀ sáré lófìfo kí ó tó gbé èrò. Awakọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́. Ọ̀nà pupa tún ń bá ilé iṣẹ́ reluwé ìjọba àpapọ̀ lo ojú irin kan náà, nítorí náà àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí àkókò tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò kọjá. Ohun tí àlàfo náà kọ́ ẹni tó ń kọ ìròyìn ni pé ọjọ́ mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ hàn nínú ìwé, kí wọ́n má sì dà wọ́n pọ̀: ọjọ́ tí kíkọ́ parí, ọjọ́ tí ìdánwò parí tí wọ́n sì gba iṣẹ́ náà, àti ọjọ́ tí ojúṣe kúrò lọ́rùn àwọn tó kọ́ ọ tó bọ́ sí ọrùn àwọn tí yóò máa lò ó. Ọjọ́ ayẹyẹ lè wà níbẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́, ṣùgbọ́n kò so ẹnikẹ́ni mọ́ ohunkóhun.

Owó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní wáráńtì, wáráńtì náà sì ní ọjọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n já ẹ̀rọ náà sílẹ̀ nínú ọgbà, tí ó sì jẹ́ ti ọdún kan, ẹ̀rọ tó dúró fún oṣù méje kí wọ́n tó tan án ti jẹ ju ìdajì wáráńtì rẹ̀ lọ láìṣe ìṣẹ́jú kan iṣẹ́. Ẹni tó bá ń kọ àdéhùn níbẹ̀rẹ̀ lè béèrè pé kí wáráńtì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba iṣẹ́. Bí kò bá béèrè, ìròyìn ìparí gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́ tí wáráńtì kọ̀ọ̀kan yóò tán gan-an, kí olùtọ́jú má baà máa fọkàn tán ohun tí kò sí mọ́.

Ibùdókọ̀ reluwé tún fi ohun mìíràn hàn. Kì í ṣe dúkìá kan ṣoṣo. Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀, iná wà, omi wà, gọ́tà wà, afárá tí ọkọ̀ tàbí ènìyàn ń gbà kọjá lórí ojú irin wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí gọ́tà kan bá dí ní ìsàlẹ̀ afárá, ta ni yóò kó o? Ìròyìn tó bá kàn kọ "ibùdókọ̀ kan" sílẹ̀ kò dáhùn ìbéèrè yìí. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó bá lè bàjẹ́ lọ́tọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ ní ìlà tirẹ̀ àti olùtọ́jú tirẹ̀.

Kíkà dúkìá lójú ara ẹni

Iṣẹ́ kékeré ló rọrùn jù láti fi ṣàlàyé ìyókù. Ká sọ pé wọ́n fi iná sólà sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ní Muṣin. Páńẹ́lì méjìlá ni wọ́n rà, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 550 wáàtì. Wọ́n ra ínfátà kan tó jẹ́ kílówáàtì 5, àti bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan tó lè gba nǹkan bíi kílówáàtì-wákàtí 10. Ohun tí iná náà wà fún ni fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára, gílóòbù yàrá ìgbẹ̀bí àti ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, àti fáànù mẹ́rin.

Ọ̀nà tó yá jù láti kọ àkọsílẹ̀ dúkìá ni láti jókòó ní ọ́fíìsì kí wọ́n da rìsíìtì kọ. Ọ̀nà yẹn náà ló máa ń tan ènìyàn jẹ. Rìsíìtì sọ ohun tí wọ́n rà. Kò sọ ohun tó wà lórí òrùlé. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ọ̀kan nínú páńẹ́lì náà sán nígbà tí wọ́n ń gbé e gun àkàbà. Ó wà nínú sítọ́ọ̀ lẹ́yìn pákó. Mọ́kànlá ló wà lókè, ìwé sì ń sọ méjìlá. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí ìwé bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí yóò tẹ̀lé e ní ọdún kejì ni ta ló jí páńẹ́lì, olórí àwọn nọ́ọ̀sì tí kò mọ nǹkankan nípa rẹ̀ ni yóò sì dáhùn.

Nítorí náà ènìyàn méjì ló gbọ́dọ̀ jọ rìn yí ibi iṣẹ́ ká: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe iṣẹ́, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tí yóò gbà á. Ọ̀kan yóò ka nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fín sára ẹ̀rọ sókè, èkejì yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìlà kan nínú àkọsílẹ̀ wọn lè rí báyìí:

Bátìrì lítíọ́ọ̀mù, ẹyọ kan. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti nọ́ńbà ara rẹ̀. Ó wà nínú yàrá ẹ̀rọ ní ìsàlẹ̀, lára ògiri ọ̀tún. Ọjọ́ tí wọ́n so ó. Iye owó rẹ̀. Ọjọ́ tí wáráńtì yóò tán àti ẹni tí wọn yóò pè. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí wọ́n má ṣe dí ihò afẹ́fẹ́ yàrá náà, kí wọ́n sì máa wo ìdè wáyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ọdún tí wọ́n retí pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ka tí owó rẹ̀ yóò ti jáde.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni àwọn ènìyàn máa ń fò. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó bá dára lè lo nǹkan bí ọdún mẹ́wàá bí wọn kò bá pọ́n ọn lójú. Kò sí ẹni tí ọdún mẹ́wàá ń jó lẹ́sẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹ̀ka tó mọ̀ pé ìnáwó náà ń bọ̀, ọjọ́ tí bátìrì bá kú ni gbogbo iṣẹ́ náà kú, páńẹ́lì tó ṣì lè lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i yóò sì máa gba oòrùn lásán.

Àwọn dúkìá kan wà tí a kì í fojú rí lórí òrùlé. Ínfátà òde òní máa ń fi bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù. Ẹni tó so ó ló sábà máa ń fi ìméèlì tirẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ forúkọ sílẹ̀, nítorí pé òun ni ó wà nítòsí lọ́jọ́ náà. Bí ó bá lọ, àṣẹ lórí ẹ̀rọ náà bá a lọ. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé, orúkọ tó wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ di ti ọ́fíìsì, kí ó má jẹ́ ti ẹnì kan, kí wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà níṣojú ẹni tó ń gbà á. Ọ̀rọ̀ aṣínà náà kò gbọ́dọ̀ wà nínú ìròyìn tí gbogbo ènìyàn yóò kà. Ìròyìn yóò kàn sọ ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí àti àwọn tó lè ṣí i.

Àwòrán wáyà náà wà lára dúkìá. Kì í ṣe èyí tí wọ́n yà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, bí kò ṣe èyí tó fi ibi tí wáyà gbà gan-an hàn. Ní ilé tí wọ́n ń dá lu ògiri rẹ̀ nígbà gbogbo láti so irin fèrèsé tàbí páìpù omi, bíríkìlà tí kò rí àwòrán yóò lu wáyà láìpẹ́. Fọ́tò ògiri tí wọ́n yà kí wọ́n tó fi sìmẹ́ǹtì bò ó, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣeé fi rọ́pò bí kò bá sí ẹni tó lè yàwòrán dáadáa.

Ìdánwò kí wọ́n tó gbà

Títan gílóòbù kí gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́ kì í ṣe ìdánwò. Iná sólà tí a tàn ní agogo méjìlá ọ̀sán lè wá láti orí òrùlé tààrà, láìjẹ́ pé bátìrì gbé ohunkóhun. Òru ni ìdánwò rẹ̀.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ká ní fíríìjì, gílóòbù àti fáànù jọ ń gba 400 wáàtì lápapọ̀ láti agogo méje alẹ́ di agogo méje òwúrọ̀. Wákàtí méjìlá nìyẹn, tó túmọ̀ sí kílówáàtì-wákàtí 4.8. Ínfátà fúnra rẹ̀ máa ń jẹ díẹ̀. Bí a bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún un, ó di nǹkan bíi 5.3. Bátìrì tó gba 10 tó sì kún ní alẹ́ yóò kù díẹ̀ kí ó jẹ́ ìdajì ní òwúrọ̀. Ìròyìn gbọ́dọ̀ kọ ohun tí wọ́n retí, ohun tí wọ́n rí, àti orúkọ ẹni tó wò ó.

Bí wọ́n bá rí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dípò 47, ọ̀kan nínú ohun méjì ló ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé bátìrì kò tó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ki áyọ́ọ̀nù tàbí kẹ́tùlù bọ súwíìsì lóru. Ọ̀nà tí a fi ń mọ èyí tó jẹ́ kò le: àkọsílẹ̀ orí fóònù yóò fi iná tó fò sókè lójijì hàn bí ó bá jẹ́ áyọ́ọ̀nù tàbí kẹ́tùlù. Bí ìlà náà bá lọ gbọọrọ títí di òwúrọ̀ tí bátìrì sì tún lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bátìrì ni kí wọ́n dá padà. Kí wọ́n ṣe ìdánwò náà fún òru mẹ́ta léraléra, kí ọ̀kan nínú wọn tẹ̀lé ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú, nítorí oṣù Keje ní Èkó kò jọ oṣù Kìíní.

Fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ìdánwò tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ní gbogbo àkókò. Bí ó bá tutù jù, àwọn abẹ́rẹ́ kan yóò dì, wọn yóò sì bàjẹ́ láìfi hàn lójú. Nítorí náà ìwọ̀n òtútù òru mẹ́ta yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ìròyìn pẹ̀lú ti bátìrì. Iṣẹ́ náà kò parí nítorí pé páńẹ́lì ń ṣiṣẹ́. Ó parí nígbà tí abẹ́rẹ́ bá wà ní ìwọ̀n tó yẹ.

Ohun tó bá kù díẹ̀ káàtó ni wọn yóò kọ sínú ìwé àbùkù: páńẹ́lì kejìlá tó sán, ìdè wáyà tí kò le, ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ tí kò ní àgádágodo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ní ẹni tí yóò tún un ṣe àti ọjọ́ tí yóò parí. Ìwé àbùkù tí kò ní owó lẹ́yìn kì í lágbára. Ní Nàìjíríà, wọ́n sábà máa ń dá nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó agbaṣẹ́ṣe dúró. Wọn yóò san ìdajì rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gba iṣẹ́, ìdajì kejì yóò sì dúró títí àkókò àtúnṣe yóò fi pé, ìyẹn oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan. Bí wọ́n bá ti san gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó wo orí òrùlé, ẹ̀bẹ̀ ni wọn yóò máa bẹ agbaṣẹ́ṣe.

Àbùkù wà tó lè dúró, ó sì wà tí kò lè dúró. Àgádágodo lè dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Wáyà tí kò ní ìdè sí ilẹ̀ kò lè dúró, nítorí ó lè pa ènìyàn. Bí àwọn tí yóò gbà á bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i nítorí irú èyí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọjọ́ ayẹyẹ lé wọn léré. Níwọ̀n ìgbà tí àbùkù bá jẹ́ kékeré, wọ́n lè gbà á pẹ̀lú àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ohun báyìí báyìí ṣì wà lọ́rùn àwọn tó kọ́ ọ.

Àwọn tí yóò máa lò ó

Ìkọ́ni ọ̀sán kan pẹ̀lú súyà àti ohun mímu tútù wọ́pọ̀. Agbaṣẹ́ṣe yóò sọ̀rọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì yóò mi orí, wọn yóò fọwọ́ sí ìwé pé àwọn wá. Ohun tí ìwé náà fi hàn ni pé wọ́n wá. Ó sàn kí ìròyìn sọ ohun tí ẹni náà ṣe fúnra rẹ̀ níṣojú olùkọ́: ó pa iná náà, ó tún un tàn, ó ka iye tó kù nínú bátìrì, ó sọ ẹni tí yóò pè bí iná pupa bá tàn lára ínfátà. Ohun mẹ́rin yẹn tó fún ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ iná. Kí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta kọ́ ọ, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọlọ́dẹ tàbí ẹni tó máa ń wà níbẹ̀ lóru, nítorí wọ́n máa ń gbé nọ́ọ̀sì láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn. Ìwé kan ṣoṣo ní Yorùbá tí ó rọrùn, tí wọ́n fi ike bò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá ẹ̀rọ, máa ń ṣiṣẹ́ ju ìwé tó nípọn tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kọ, tó wà ní títì nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìtọ́jú náà ní iye. Èéfín ọkọ̀ ní Muṣin àti eruku ọyẹ́ máa ń bo páńẹ́lì, omi òjò kò sì lè fọ gbogbo rẹ̀ bí wọn kò bá fi páńẹ́lì náà dagun díẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa gun òkè láti nù ún ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni náà gbọ́dọ̀ gba owó, àkàbà tó dúró ṣinṣin sì gbọ́dọ̀ wà. Kí ìròyìn kọ gbogbo ìnáwó ọdún kan sílẹ̀, títí kan owó dátà fún ínfátà tó ń fi ìsọfúnni ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹni tó ń di owó ilé ìwòsàn náà mú, bóyá ìjọba ìbílẹ̀ ni tàbí ìjọba ìpínlẹ̀, fọwọ́ sí i pé òun ti rí i. Bí ó bá ní òun kò ní irú owó bẹ́ẹ̀, ó sàn kí wọ́n gbọ́ ọ kí iṣẹ́ tó túká ju kí wọ́n gbọ́ ọ nígbà tí eruku ti gba òkè.

Kíkọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀

Apá ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ òfìfo máa ń pọ̀ sí jù. "Ó yẹ kí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ dára sí i." "Ó yẹ kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀." Kò sí ẹni tí yóò ka ìyẹn tí yóò ṣe nǹkan lọ́nà mìíràn lọ́la. Ẹ̀kọ́ tó wúlò ní apá márùn-ún: ohun tí wọ́n retí, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á, ohun tí wọn yóò yí padà, àti ẹni tí yóò yí i padà. Ẹ̀kọ́ kan láti inú àpẹẹrẹ wa nìyí, bí ó ṣe yẹ kó rí nínú ìwé:

Wọ́n retí láti gbé páńẹ́lì lọ sókè lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé. Nígbà tí káfíńtà gun òkè, ó rí i pé ikán ti jẹ igi òrùlé ní ẹ̀yìn ilé, kò sì lè gbé ẹrù náà. Àtúnṣe òrùlé gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó rẹ̀ kò sì sí nínú ètò. Ohun tó fà á ni pé fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ibi iṣẹ́ béèrè ìwọ̀n òrùlé, kò béèrè bí igi abẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Láti ìsinsìnyí lọ, ìlà kan yóò wà nínú fọ́ọ̀mù náà tí káfíńtà yóò fọwọ́ sí lẹ́yìn tó bá gun òkè, kí wọ́n tó san owó páńẹ́lì. Ọ̀gá tó ń rí sí ọjà rírà ni yóò fi ìlà náà kún un kí iṣẹ́ tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé kò dárúkọ ẹnikẹ́ni pé ó jẹ̀bi. Bí wọ́n bá dúró sórí "ẹni tó lọ ṣàyẹ̀wò kò fara balẹ̀," wọn yóò rán ẹlòmíràn lọ nígbà tó ń bọ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù kan náà, ikán yóò sì tún dúró dè é. Bíbéèrè ìdí lọ títí a ó fi kan ohun tí a lè fọwọ́ yí padà ni iṣẹ́ ibẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n rí ni ẹ̀kọ́. Ká ní aládùúgbò ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àjà kejì lórí ilé rẹ̀, tí òjìji rẹ̀ yóò sì máa bọ́ sórí páńẹ́lì mẹ́rin láti agogo mẹ́ta ọ̀sán. Fún àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ mìíràn, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀: kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò kí wọ́n tó yan ìhà òrùlé. Ṣùgbọ́n fún olùtọ́jú, ìkìlọ̀ ni: iná ọ̀sán yóò dín kù nígbà tí ilé yẹn bá ga, kí wọ́n má sì rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà, ibi méjì ni yóò lọ nínú ìwé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n fi ìkìlọ̀ olùtọ́jú pamọ́ sáàárín ẹ̀kọ́, níbi tí olùtọ́jú kò ní wò.

Ohun tó dára náà yẹ ní kíkọ. Bí wọ́n bá fún fíríìjì ní wáyà tirẹ̀ láti orí ínfátà, tí súwíìsì rẹ̀ jẹ́ pupa tí ẹnikẹ́ni kò sì fi nǹkan mìíràn sí i, ohun tó yẹ kí ilé ìwòsàn tó kàn náà ní nìyẹn.

Ìpàdé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ wáyé kí àwọn tó ṣe iṣẹ́ tó túká, nígbà tí oníṣẹ́ iná, káfíńtà àti olùtọ́jú sítọ́ọ̀ ṣì wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ló sọ ọ̀nà kan di mímọ̀ láti àwọn ọdún 1970, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti wá gbà: ìbéèrè mẹ́rin ni wọ́n ń bi ara wọn, ìyẹn ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó fa ìyàtọ̀, àti ohun tí wọn yóò ṣe nígbà mìíràn. Wọ́n ní kí ọmọ ogun kékeré àti ọ̀gá rẹ̀ jọ sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù. Ní ọ́fíìsì kan ní Yábà tàbí Sùúrùlérè, ibí yìí gan-an ni ó ti máa ń ṣòro. Ọ̀dọ́ kì í já àgbà nírọ́ níwájú àlejò. Bí ọ̀gá bá ti sọ pé òjò ló fa ìdádúró, òjò náà ni gbogbo wọn yóò sọ. Ohun méjì máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Èkíní ni kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ìdákọ́ńkọ́ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá iṣẹ́ náà kà á jáde láìdárúkọ. Èkejì ni kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kéré jù, kí ọ̀gá sọ tirẹ̀ kẹ́yìn.

Kò sí bí ẹ̀kọ́ ṣe lè wúlò tó bí ó bá dúró sínú ìròyìn nìkan, nítorí kò sí ẹni tí yóò lọ hú ìròyìn iṣẹ́ ọdún tó kọjá jáde kí ó tó bẹ̀rẹ̀ tuntun. Ẹ̀kọ́ ikán di ohun gidi lọ́jọ́ tí ìlà tuntun bá wọ inú fọ́ọ̀mù. Kí ìròyìn fi nọ́ńbà fọ́ọ̀mù tàbí orúkọ ìwé àdéhùn tí wọ́n ti yí padà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá ní, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí yóò ní i.

Títò àti ìfọwọ́sí

Fún iṣẹ́ tó tó bí èyí, ojú ìwé mẹ́jọ sí mẹ́wàá ti tó, àkọsílẹ̀ dúkìá yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni ti olùtọ́jú: ohun tí wọ́n fà lé e lọ́wọ́, ọjọ́ mẹ́ta tí a ti sọ, àbùkù tó kù, àti ẹni tí yóò pè. Ìròyìn iṣẹ́ tẹ̀lé e, owó tẹ̀lé ìyẹn, ẹ̀kọ́ ló kẹ́yìn. Apá owó kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: iye tí wọ́n gbà, iye tí wọ́n ná lórí ohun kọ̀ọ̀kan, ìdí tí ìyàtọ̀ ńlá fi wà, àti owó tí wọ́n ṣì dá dúró.

Ẹni mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí i: ẹni tó ṣe iṣẹ́, ẹni tó gbà á, àti ẹni tó gbé owó sílẹ̀. Ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ipò rẹ̀ fún un láṣẹ láti ná owó lórí ìtọ́jú, kí ó má jẹ́ ẹni tó kàn wà nítòsí lọ́jọ́ náà. Kí ìwé náà wà ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan dúró nínú ilé ìwòsàn gan-an, nínú yàrá tí wọ́n lè dé láàárín òru.

Ìfọwọ́sí yẹn kò tíì pa ìwé náà dé pátápátá. Nígbà tí àkókò àtúnṣe bá ku oṣù kan kí ó pé, àwọn méjì tó jọ rìn nígbà àkọ́kọ́, tàbí àwọn tó rọ́pò wọn, yóò tún mú àkọsílẹ̀ dúkìá lọ́wọ́, wọn yóò sì tún un rìn. Wọn yóò wo páńẹ́lì kejìlá tí wọ́n pààrọ̀, wọn yóò tún ìdánwò òru ṣe, wọn yóò fi iye òwúrọ̀ wé ti ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Oṣù kan yẹn wà kí agbaṣẹ́ṣe lè rí àyè tún ohun tí wọ́n bá rí ṣe kí àkókò náà tó pé. Bí ohun gbogbo bá pé, wọn yóò kọ ojú ìwé kan tí wọn yóò so mọ́ ẹ̀yìn ìròyìn, wọn yóò san ìdajì kejì owó tí wọ́n dá dúró nígbà tí àkókò náà bá pé, alábòójútó iṣẹ́ àkànṣe yóò sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tí ilé ìwòsàn náà yóò máa pè.